Kí Aago Mẹ́fà Tó Lù: Ohun Tí A Ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Tuntun Nípa Ìlà Àárọ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń kà láàárọ̀ lójú òpó Facebook ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ti ìwé ìròyìn, kì í ṣe àárọ̀ yẹn ni wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ lè wà lójú oorun nígbà tó jáde. Àná ló ti kọ ọ́, tàbí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó fi àwòrán sí i, ó mú ọjọ́ àti aago tó fẹ́ kó jáde, ó fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí aago bá pé, ẹ̀rọ á gbé e jáde láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Gbogbo ohun tó ń dúró de aago báyìí, tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, la ń pè ní ìlà lẹ́nu iṣẹ́ wa.

Iṣẹ́ mi ni láti bójú tó irú ìlà bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó fún wọn ní páswọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ náà kì í gùn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà tí ẹ kì í ṣe oníròyìn, torí pé ọ̀pọ̀ ìjọ, ilé ìwé àti oníṣòwò ló ti ń lo ìlà báyìí, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé ó yẹ kí èèyàn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ kan ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀: Sátidé, 16 oṣù Kejì ọdún 2019. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí Nàìjíríà dìbò yan Ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀, kí ibùdó ìdìbò sì ṣí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn aago méjì òru, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn, alága àjọ INEC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó ní àwọn ti sún ìdìbò náà di 23 oṣù Kejì. Ti gómìnà àti ti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, tó yẹ kó wáyé ní 2 oṣù Kẹta, di 9 oṣù Kẹta. Ó ní ètò bí àwọn ohun èlò ìdìbò yóò ṣe dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé kò tíì gún tó.

Mo wá máa ń ní kí àwọn ọmọ tuntun fojú inú wò ó pé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnì kan ti to ìlà ọjọ́ kejì sílẹ̀ kó tó lọ sílé, torí ó mọ̀ pé ìjọba kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Nǹkan márùn-ún ló wà lórí ìlà. Mo máa ń kọ wọ́n sára pátákó, mo sì máa ń bi wọ́n pé: aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ti lù, ìwọ lo jí, kí lo máa ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Èyí tó máa kọ́kọ́ jáde, ní aago mẹ́fà, ní: «Òní lọjọ́ ọ̀hún! Ẹ jáde lọ dìbò, ibùdó ìdìbò yóò ṣí ní aago mẹ́jọ.» Gbogbo wọn ló máa ń rí àṣìṣe inú eléyìí. Wọ́n á ní kí a yọ ọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń ní kí wọ́n ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sẹ́ni tó yọ ọ́. Àwọn èèyàn kan ti wọkọ̀ láti Èkó lọ sílùú wọn torí ibẹ̀ ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò gbọ́ ohun tí INEC sọ lóru. Ó jí, ó ṣí fóònù, ó rí i pé rédíò tó gbọ́kàn lé ní kó máa lọ, ó sì dìde.

Ìkejì, ní aago méje: «Ẹ má gbàgbé káàdì ìdìbò yín kí ẹ tó kúrò nílé.» Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì dárúkọ ọjọ́ kankan. Síbẹ̀, bó bá jáde láàárọ̀ yẹn, ohun kan náà ló ń sọ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́: ẹ máa bọ̀. Eléyìí kò yẹ ní píparẹ́, a ó kàn gbé e lọ sí 23 oṣù náà ni.

Ìkẹta, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀: «Báwo ni nǹkan ṣe ń lọ ní ibùdó ìdìbò yín? Ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa.» Ibí yìí ni ẹnu máa ń kò díẹ̀. Àwọn kan á ní kí a fi í sílẹ̀, torí ìbéèrè lásán ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè náà ti gbà pé ìdìbò ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń yẹ ìlà wò, ẹ má wo ohun tí ọ̀rọ̀ sọ nìkan, ẹ tún wo ohun tó ti gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀ kó tó lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ìkẹrin ni ìpolówó ọjà: ilé ìtajà kan sanwó kí a sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní aago mẹ́wàá pé wọn kò ní ṣílẹ̀kùn lónìí nítorí ìdìbò. Ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyí, a kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un kọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣílẹ̀kùn báyìí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣí i. A ó dá a dúró, a ó pe oníbàárà wa, a ó sì kọ aago tí a pè é sílẹ̀. Bí kò bá gbé fóònù, kó ṣì wà ní dídúró. Owó ìpolówó ṣeé dá padà tàbí kí a gbé e sí ọjọ́ mìíràn.

Ìkarùn-ún, ní aago kan ọ̀sán, jẹ́ ìmọ̀ràn dókítà lórí ìtọ́jú eyín. Kò sóhun tó ṣe é. Kó jáde.

Nínú nǹkan márùn-ún, ẹyọ kan péré ni a fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ náà kò sì parí síbẹ̀, torí àyè aago mẹ́fà ti ṣófo. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ìròyìn tuntun: pé INEC ti sún ìdìbò, ọjọ́ tó sún un sí, ẹni tó kéde rẹ̀ àti ìgbà tó kéde rẹ̀. Ẹni tó bá dá mẹ́rin dúró tó sì dákẹ́ ṣì fi àwọn tó jí láàárọ̀ sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni mo ti ń fa ètò iṣẹ́ àárọ̀ wa yọ. Kì í ṣe ìlà la kọ́kọ́ ń ṣí. Ìròyìn la kọ́kọ́ ń kà: ohun tó ṣẹlẹ̀ láti alẹ́ àná, nílùú wa, ní orílẹ̀-èdè yìí, àti níbikíbi tí àwọn tó ń kà wá bá wà. Ẹni tó bá ṣí ìlà láì tíì gbọ́ ìròyìn, ojú àná náà ló fi ń kà á, gbogbo rẹ̀ ló sì máa dáa lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìròyìn ni a ó wá ka ohun tó wà lórí ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń kà wá yóò ṣe rí i, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Bí ìsopọ̀ bá wà nínú rẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ọbẹ̀ tí a sè lánàá, a máa ń ṣí i, a máa ń gbóòórùn rẹ̀, kí a tó bù ú fún àlejò láàárọ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó sè é kò mọ ọbẹ̀ sè.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ojú tètè mú: òní, ọ̀la, àná, «lọ́sẹ̀ yìí», «ó ku ọjọ́ mẹ́ta». Bí a bá sún ohun kan láti Ọjọ́bọ̀ sí Jímọ̀, tí a kò sì tún inú rẹ̀ kà, «ọ̀la» tó wà nínú rẹ̀ ti di irọ́. Irú èyí ni mo ń rí jù lọ, ó ju ti àwọn ìròyìn ńláńlá lọ.

Ṣùgbọ́n ewu tó le jù máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí kò jọ mọ́ ìròyìn rárá. Ní 15 oṣù Kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè Ireland kéde pé àwọn rí ẹran ẹṣin nínú bọ́gà tí wọ́n ń tà bí ẹran màlúù. Nínú ọ̀kan tí wọ́n rà ní ilé ìtajà Tesco, ìpín 29 nínú ọgọ́rùn-ún ẹran ibẹ̀ ló jẹ́ ti ẹṣin. Ìbínú gbalé gbòde ní Ireland àti ní Britain. Lálẹ́ 17 oṣù náà, ojú òpó Twitter tí Tesco fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn kí àwọn èèyàn pé ó dàárọ̀, ó sì fi àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn ń lọ sorí koríko gbígbẹ, èyí tó kàn túmọ̀ sí pé àwọn ń lọ sùn. Koríko gbígbẹ ni oúnjẹ ẹṣin. Lójú àwọn tó kà á, Tesco ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn ti fi àkókò sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ sílẹ̀.

Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tuntun ka ọjọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní 15. Àárọ̀ 16 kọjá lórí ìlà yẹn, àárọ̀ 17 náà kọjá. Ẹni tó bá kà á ní ọ̀kan nínú àárọ̀ méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣì wà létí rẹ̀, kò ní í fò ó. Ẹni tó bá kàn wo àkọlé àti aago nìkan, tó rí «ó dàárọ̀», kò lè rí i. Ìdí nìyí tí n kì í fi gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé òun ti yẹ ìlà wò nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ka iye ohun tó wà lórí rẹ̀.

Níbí ni ẹnì kan ti máa ń béèrè pé, «Mà, bí a kò bá tíì mọ̀ dájú ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ àhesọ ni?» Ìbéèrè gidi ni, ilẹ̀ wa ló sì ti ní àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní alẹ́ Jímọ̀, 22 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Lamidi Adéyẹmí Kẹta, wàjà ní ilé ìwòsàn ní Adó-Èkìtì. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ láti fóònù dé fóònù. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ló ń kéde pé ọba wàjà. Àwọn tó ni ẹnu ọ̀rọ̀ wà láàfin.

Ẹ jẹ́ ká ní ilé iṣẹ́ kan ní ètò ìjó àti ayẹyẹ lórí ìlà fún aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé yẹn, pẹ̀lú àwòrán àwọn oníṣẹ́ ìlù ní Ọ̀yọ́. Òṣìṣẹ́ tuntun á rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kó kéde ohun tí kò dá a lójú, tàbí kó jẹ́ kí ìlà máa lọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀nà kẹta wà. Kó dá ètò ìjó náà dúró, kó má sì sọ nǹkan kan. Dídá ohun kan dúró kì í ṣe ìkéde. Kò sẹ́ni tó máa rí i lóde pé ohun kan kò jáde ní aago mẹ́jọ. Bí àhesọ náà bá já sí irọ́, ètò ìjó á jáde ní aago mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò sì ní í mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, ohun tí a fi ń dá nǹkan dúró kéré gan-an sí ohun tí a fi ń gbé ìròyìn jáde. Àhesọ tó ṣeé gbà gbọ́ ti tó fún ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ń fẹ́ ẹ̀rí.

Bí a ṣe ń dá a dúró náà ní ọ̀nà tirẹ̀. A kì í pa á rẹ́. Nínú WordPress, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ìròyìn ń lò, ẹ ó lọ sí `Posts`, ẹ ó tẹ `Scheduled`, gbogbo ohun tó ń dúró de aago á sì tò síwájú yín. Èyí tí ẹ bá fẹ́ dá dúró, ẹ ṣí i, ẹ yí ipò rẹ̀ láti `Scheduled` sí `Draft`, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Á kúrò lórí ìlà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á wà níbẹ̀. Bí ẹ bá pa á rẹ́ pẹ̀lú ìkánjú, ẹni tó kọ ọ́ á tún jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́fíìsì. Ẹ rántí pé ìlà kan kò mọ òmíràn. Ohun tí ẹ dá dúró nínú WordPress ṣì lè jáde lójú òpó Facebook, torí ibòmíràn ni wọ́n ti fi àkókò sí ìyẹn. Mo lẹ orúkọ gbogbo ibi tí a ní ìlà sí mọ́ ara ògiri, a kì í sì í sọ pé a ti ṣe tán títí a ó fi ṣí gbogbo wọn.

Aago fúnra rẹ̀ máa ń tanni jẹ. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC, kì í sì í yí padà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Bí ẹni tó dá ìkànnì sílẹ̀ bá fi í sí `UTC+0`, ohun tí ẹ bá fi sí aago méje á jáde ní aago mẹ́jọ tiwa. Ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `General`, kí ẹ mú `Lagos` ní ibi tí wọ́n kọ `Timezone` sí. Bí ẹlẹgbẹ́ yín kan bá ń ṣiṣẹ́ láti London, aago rẹ̀ àti tiwa bára mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ṣùgbọ́n nígbà òtútù wọ́n ń fi wákàtí kan rìn lẹ́yìn wa. Ẹ lè ṣiṣẹ́ pọ̀ fún oṣù méje láìsí wàhálà kan, kí ohun gbogbo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí oṣù Kẹwàá.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni `12:30 AM`. Ẹni tó fẹ́ kí ìkéde jáde ní ọ̀sán mú un, kò sì mọ̀ pé ọ̀gànjọ́ òru ló mú. Nígbà tí ẹ bá fi ṣí ìlà láàárọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti jáde nígbà tí gbogbo ayé ń sùn. Torí náà, a kì í wo ohun tó ń bọ̀ nìkan. A máa ń wo ohun tó jáde lóru pẹ̀lú, a ó sì fi aago tó jáde wé aago tó yẹ kó jáde. Ẹ ó tún rí àwọn kan tí wọn kò jáde rárá, tí WordPress á kọ `Missed schedule` sí wọn lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé WordPress ń dúró de kí ẹnì kan ṣí ìkànnì náà kó tó rántí pé aago ti pé, ìkànnì tí èèyàn kò sì wọ̀ lóru lè sùn kọjá aago. Ẹ má kàn tẹ `Publish` ní aago mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá «ẹ kú ìdájí» ló wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kì í jẹ́ kí wọ́n fi sórí ìlà rárá: ohunkóhun tó ń dúró de ẹnu ẹnì kan. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ fún wa ní ọlidé ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ní Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá wo ọlidé yẹn tó sì fi «Ẹ kú ọdún» sí àárọ̀ Ìṣẹ́gun kò ṣe ohun tó burú lójú ara rẹ̀. Àmọ́ ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, Sultan Sókótó kéde pé wọn kò rí oṣù, ààwẹ̀ di ọgbọ̀n, ọdún sì di Ọjọ́rú. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, àwọn Mùsùlùmí ṣì ń gbààwẹ̀. Kíkí ẹni tó ń gbààwẹ̀ kú ọdún ìtúnu máa ń dun àwọn èèyàn, torí ó ń fi hàn wọ́n pé ẹni tó ń kí wọn kò bìkítà láti bi wọ́n léèrè. Irú ìkíni bẹ́ẹ̀, inú `Draft` ló ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ èèyàn ló sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ ìkéde.

Ọ̀rọ̀ ìparí tí mo máa ń sọ jẹ mọ́ Sátidé àti Sunday, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni ìlà ń gùn jù, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni ọ́fíìsì ń ṣófo jù. Ìbò 2019 àti ìròyìn Aláàfin, Sátidé ni méjèèjì já lé lọ́wọ́. Nítorí náà, orúkọ ẹnì kan wà fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, títí kan ọjọ́ ọlidé, orúkọ ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí iná kò bá sí nílé rẹ̀ tàbí tí dátà rẹ̀ bá tán. Fóònù tó fún iṣẹ́ náà. Bí ohun àkọ́kọ́ bá máa jáde ní aago mẹ́fà, ìyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti parí ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àyè lè wà láti pe ẹnì kan. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò á kọ ọ́ sínú gúrúùpù WhatsApp wa: aago tó ṣe é, iye tó kà, èyí tó dá dúró àti ìdí rẹ̀. «5:41. Mo ka mẹ́sàn-án. Mo dá ìkẹrin dúró: òjò ti ba afárá tí a ní kí wọ́n gbà jẹ́.» Ìyẹn ti tó. Òṣìṣẹ́ tó dé lánàá lè dá ohun tí ọ̀gá àgbà kọ dúró láì gbàṣẹ, kódà ní ọ̀sán tàbí ní alẹ́, bí ìròyìn bá yí padà lẹ́yìn ìyẹ̀wò àárọ̀. Kí ohun náà tó padà sórí ìlà ló ń gba pé kí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó dá a dúró jọ kà á.